Kí àwòrán méjìlá lè jọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kan

Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ṣe kàlẹ́ńdà ọdún tuntun mọ ohun tó ń wá: ojú àwọn olóyè méjìlá, alága lókè, akọ̀wé àti akápò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí gbogbo wọn hàn kedere. Ká sọ pé ẹgbẹ́ kan wá ní àwọn kò fẹ́ fọ́tò lásán lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n fẹ́ kí àwòrán náà rí bí èyí tí wọ́n fín sára pákó, tí wọ́n pa tàdáwà sí, tí wọ́n sì tẹ̀ sórí ìwé. Kọ̀ǹpútà lè ṣe é. Stable Diffusion, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé síta lọ́fẹ̀ẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, lè sọ fọ́tò kan di àwòrán fínfín kí èèyàn tó mu omi tán.

Ọ̀kan kò le. Méjìlá ni iṣẹ́ wà. Alága á jáde pẹ̀lú ìlà dúdú tó nípọn lórí ìwé aláwọ̀ wàrà, akọ̀wé á jáde bí ẹni tí wọ́n fi ọ̀dà olómi kùn, akápò á sì dà bí ọmọ inú eré kátúùnù, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà la tẹ̀ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, alága tó ti dára tẹ́lẹ̀ náà á tún yí padà. Àwọn tó ń fi ètò yìí ṣiṣẹ́ ajé mọ ohun tó ń fà á, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń dè é mọ́lẹ̀.

Ètò yìí kì í ya àwòrán láti orí ìwé tó mọ́. Inú rúdurùdu ló ti ń bẹ̀rẹ̀, irú èyí tó máa ń kún ojú tẹlifísàn nígbà tí kò bá rí ìkànnì kankan. Ìgbésẹ̀ lórí ìgbésẹ̀, bíi ogún tàbí ọgbọ̀n, ni yóò máa fọ rúdurùdu náà kúrò, títí ojú èèyàn yóò fi yọ. Bí a bá fún un ní fọ́tò, yóò da rúdurùdu lé fọ́tò náà lórí, yóò wá máa fọ̀ ọ́ kúrò bí ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ bá ṣe darí rẹ̀. Bí èyí tó ṣú àti èyí tó mọ́lẹ̀ ṣe tò sínú rúdurùdu àkọ́kọ́ wà lára ohun tó ń pinnu ẹ̀gbẹ́ tí òjìji yóò bọ́ sí àti ibi tí ìlà fínfín yóò ti nípọn.

Ìṣirò ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣe rúdurùdu yẹn, nọ́ńbà kan ṣoṣo sì ni ìṣirò náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ojú ẹ̀rọ pè é ní `Seed`. N ó máa pè é ní nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ 41207 lónìí tó sì jẹ́ 41207 lọ́la, rúdurùdu kan náà ni yóò jáde. Ṣùgbọ́n nínú AUTOMATIC1111, ojú ìṣiṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń lo Stable Diffusion, -1 ni wọ́n kọ síbẹ̀ láti ilé, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé kí ẹ̀rọ mú nọ́ńbà tó bá wù ú. Ìdí kan nìyí tí àwòrán alága fi yí padà nígbà tí ẹ tún un tẹ̀. Bí ẹ bá sì ní kí ó ṣe mẹ́rin léraléra láti 41207, yóò máa fi oókan kún un: 41207, 41208, 41209, 41210. Ẹni tí ẹ̀kẹta bá wù kò nílò àtiṣe wàhálà. 41209 ni kó kọ sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni pé wọ́n rò pé nọ́ńbà yìí ló gbé àrà àwòrán dání. Wọ́n á gba nọ́ńbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn bí ẹni gba kọ́kọ́rọ́, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, ohun mìíràn pátápátá á jáde. Kò sí pákó tàbí tàdáwà nínú 41207. Ìlànà tí rúdurùdu yóò gbà tò nìkan ló wà níbẹ̀, ìyẹn náà sì ní ohun tó rọ̀ mọ́. Ẹ yí ìwọ̀n àwòrán padà láti 512 ní 640 sí 576 ní 640, rúdurùdu náà á tò lọ́nà mìíràn, nítorí pé gígùn ìlà kọ̀ọ̀kan tó ń tẹ́ ẹ sí ti yí padà. Ẹ lo módẹ́ẹ̀lì mìíràn, ohun tí yóò fọ̀ jáde nínú rúdurùdu kan náà yóò yàtọ̀. Kódà, káàdì àwòrán inú kọ̀ǹpútà lè ṣe é: bí káàdì ni wọ́n fi ṣẹ̀dá rúdurùdu, káàdì tí irú rẹ̀ yàtọ̀ lè fún yín ní rúdurùdu mìíràn lórí nọ́ńbà kan náà. Nítorí náà ni AUTOMATIC1111 ṣe ní ibi tí a ti lè yàn án pé kí `CPU` ṣe rúdurùdu náà. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ nílé àti ní ṣọ́ọ̀bù lórí ẹ̀rọ méjì, kó yan ìyẹn lórí méjèèjì kó tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ tẹ̀ sínú `Prompt` ló ń gbé àrà. Fún ọ̀wọ́ àwòrán bíi ti ẹgbẹ́ yìí, ẹ pín ọ̀rọ̀ náà sí ọ̀nà méjì. Apá kan kò gbọdọ̀ yí padà láti orí alága dé orí ẹni kejìlá, kódà kọ́mà inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò níbi tó wà. Apá kejì ni ti ẹni tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́. Èyí tí mo tẹ̀ síbí jẹ́ ti bàbá àgbà kan tó dé fìlà:

```
linocut print, bold carved lines, black and indigo ink,
cream paper, plain background, head and shoulders,
elderly Nigerian man, deep brown skin, round cap,
(three short vertical lines on each cheek:1.2)
```

Ìlà méjì àkọ́kọ́ ni ti gbogbo ẹgbẹ́, ìlà méjì ìsàlẹ̀ ni ti bàbá nìkan. Mo fi ti gbogbo ẹgbẹ́ síwájú nítorí pé ọ̀rọ̀ tó ṣáájú sábà máa ń lágbára ju èyí tó gbẹ̀yìn lọ. Àmì àkámọ́ àti 1.2 tó wà nísàlẹ̀ ń sọ fún ẹ̀rọ pé kó fún ọ̀rọ̀ náà ní agbára díẹ̀ sí i. Ẹ má kọjá 1.4, nítorí ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Ẹ̀yà tó ń ka ọ̀rọ̀ nínú módẹ́ẹ̀lì yìí kì í ka ju ègé ọ̀rọ̀ 75 lọ lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ tó ṣàjèjì sí i lè di ègé mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ìdí rèé tí mo fi tẹ̀ ẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Àkọlé Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù lára àwọn àwòrán tí wọ́n fi kọ́ ọ, kò sì lè mọ abetí ajá yàtọ̀ sí gọ̀bì. Ẹ ṣàlàyé bí nǹkan náà ṣe rí dípò kí ẹ dárúkọ rẹ̀.

Àwọn kan máa ń kọ orúkọ ayàwòrán tó wà láàyè síbẹ̀ kí àrà rẹ̀ lè jáde. Ní ọdún 2022, orúkọ Greg Rutkowski, ayàwòrán ará Póláǹdì, gba ẹnu àwọn tó ń lo ètò yìí kan débi pé òun fúnra rẹ̀ figbe ta pé ayédèrú iṣẹ́ òun ń bo iṣẹ́ òun mọ́lẹ̀. Mi ò fara mọ́ ọn. Iṣẹ́ olóṣẹ̀ẹ́ ni, oúnjẹ rẹ̀ sì ni. Bí ẹ bá sọ irú pákó, irú tàdáwà àti irú ìwé, ẹ ó rí àrà tí ẹ ń fẹ́, yóò sì wà ní ìṣọ̀kan ju ti orúkọ èèyàn lọ, nítorí pé oríṣiríṣi iṣẹ́ ló wà lábẹ́ orúkọ kan.

Àpótí kejì, `Negative prompt`, ni ibi tí a ń kọ ohun tí a kò fẹ́ sí. Ó yẹ ká mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ máa ń ro àwòrán náà lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kan gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́, lẹ́ẹ̀kan gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tí a kò fẹ́. Yóò wo ìyàtọ̀ àárín méjèèjì, yóò sì ti àwòrán lọ sí apá èyí tí a fẹ́, kúrò lápá èyí tí a kò fẹ́. Nọ́ńbà `CFG Scale` ló ń sọ bí yóò ṣe tì í jìnnà tó, 7 ló sì wà níbẹ̀ láti ilé. Tí ó bá jẹ́ 1, ọ̀rọ̀ inú àpótí kejì kò ní iṣẹ́ kankan tí yóò ṣe. Àwọn módẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ṣe fún ìyára, bíi SDXL Turbo, kì í lo títì yìí, nítorí náà ẹni tó ń kọ ìwé gígùn sínú àpótí kejì wọn kàn ń fi àkókò ṣòfò ni.

Nítorí pé títì ni, orúkọ nǹkan náà gan-an la ń kọ síbẹ̀. Bí a kò bá fẹ́ àkọlé lára àwòrán, `text` la ó kọ, kì í ṣe `no text`. Bákan náà, ẹni tó kọ `no glasses` sínú àpótí àkọ́kọ́ yóò rí i pé awò ojú ló ń jáde, nítorí pé ẹ̀rọ gbọ́ orúkọ awò, kò sì gbọ́ pé a kọ̀ ọ́.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí pẹ̀lú mi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ gígùn kan wà tí àwọn èèyàn ń gbà lọ́wọ́ ara wọn, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àpótí kejì láìwo inú rẹ̀. Inú rẹ̀ lẹ ó ti máa bá `ugly`, `dark`, `scars`, `wrinkles`, `blemishes`. Ẹ wo ohun tí èyí ń ṣe sí ojú àwọn èèyàn wa. Ẹni tó kọ `dark` síbẹ̀ rò pé òkùnkùn inú àwòrán lòun ń lé. Ẹ̀rọ kò ya òkùnkùn yàrá sọ́tọ̀ kúrò lára awọ ara tó dúdú, nítorí náà ó lè máa ti awọ náà lọ sí pupa rúsúrúsú. Ẹni tó kọ `scars` ń rò ó pé egbò lòun ń dènà, ẹ̀rọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ilà ojú bàbá rẹ́. Pélé mẹ́ta tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ láti ìgbà ọmọdé á di òjìji lásán. Àbàjà á di ìrẹ́rìn-ín. Ẹni tó kọ `wrinkles` á rí ìyá ẹni àádọ́rin ọdún tó padà di ọmọ ogójì, inú ìyá lè dùn ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ á bi yín pé ta lẹ ṣe yìí.

Ìpalára yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lórí àwòrán kan. Ó dìgbà tí ẹ bá tẹ́ méjìlá síta kí ẹ tó rí i pé gbogbo wọn ti pọ́n díẹ̀, gbogbo wọn ti jọ̀lọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbogbo wọn ti di ọ̀kan. Ọ̀nà àtimọ̀ ọ́n kò le. Ẹ ṣe ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ kan náà, kí àpótí kejì ṣófo ní ìgbà àkọ́kọ́, kí ọ̀rọ̀ yín wà níbẹ̀ ní ìgbà kejì. Ohunkóhun tó bá yàtọ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ló fà á, nítorí pé ohun mìíràn kò yí padà. Iṣẹ́ tí mo gbà pé nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ wúlò fún jù lọ nìyí: ó ń jẹ́ kí a lè dá ẹjọ́ fún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Èyí tí mo máa ń fi sílẹ̀ nínú àpótí kejì fún àwòrán fínfín kò pọ̀:

```
photo, 3d render, text, watermark, frame, extra people
```

Gbogbo rẹ̀ dá lórí irú àwòrán tí a kò fẹ́. Kò sí ọ̀kan tó fọwọ́ kan ojú ẹnikẹ́ni.

Ohun kan ṣì wà tó lágbára ju gbogbo èyí lọ nígbà tó bá jẹ́ pé láti ara fọ́tò la ti ń ṣe é. `Denoising strength` ni, ìwọ̀n rúdurùdu tí ẹ̀rọ yóò dà lé fọ́tò. Ní 0, fọ́tò náà ni yóò padà wá. Ní 1, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tó kù nínú fọ́tò mọ́. Ní 0.45 pẹ̀lú ìgbésẹ̀ 30, nǹkan bí 13 péré nínú ìgbésẹ̀ náà ni ẹ̀rọ yóò ṣe. Bó bá kéré jù, ẹ ó rí fọ́tò tí wọ́n da àwọ̀ lé, kò ní jọ ohun tí wọ́n fín. Bó bá pọ̀ jù, àrà á dára gan-an, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni yóò jókòó sípò alága.

Kò sí nọ́ńbà kan tó tọ́ fún gbogbo ayé, nítorí náà àwọn tó le jù nínú ọ̀wọ́ náà la fi ń wá a. Nínú àwọn méjìlá, ẹ yan mẹ́ta: bàbá tó ní pélé, ìyá tó wé gèlè ńlá, àti ẹni tó wọ awò ojú. Ẹ ṣe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní 0.35, 0.45, 0.55 àti 0.65, nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà. Àyè kan wà nísàlẹ̀ AUTOMATIC1111 tó ń jẹ́ `X/Y/Z plot`, yóò to ìwọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí ìlà kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ẹ sábà máa rí ni pé ní 0.35, fọ́tò ṣì ń yọjú lábẹ́ ìlà. Ní 0.55, gèlè ti ń di láwàní, awò ojú ti fẹ́ wọ́, pélé mẹ́ta ti di méjì lápá kan àti mẹ́rin lápá kejì. Ní 0.65, bàbá ti lọ. Àárín 0.40 sí 0.50 ni ìwọ̀n tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa lè fara dà. Ẹ mú èyí tí ẹni tó le jù bá lè gbà, kí ẹ sì lò ó fún gbogbo àwọn yòókù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé akọ̀wé tí ojú rẹ̀ kò ní wàhálà ì bá dára sí i ní 0.55. Bí ìwọ̀n bá yàtọ̀ láti ojú dé ojú, ọ̀wọ́ náà kò ní jọ iṣẹ́ ọwọ́ kan mọ́.

Bí pélé bá ṣì ń sọnù, ẹ wá ìrànlọ́wọ́ ControlNet, èyí tó jáde lọ́dún 2023. Ó máa ń fa ìlà ara fọ́tò jáde bí ẹni fi pẹ́ńsù ya á, yóò sì fi dandan lé e pé kí àwòrán tuntun tẹ̀lé àwọn ìlà náà. Lábẹ́ `Canny`, 100 àti 200 ni òṣùwọ̀n tó wà níbẹ̀ láti ilé, ilà tó ti rẹ̀ sílẹ̀ lójú àgbàlagbà kì í sì í wọ inú rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ di 50 àti 100, kí ẹ wo àwòrán ìlà náà fúnra rẹ̀. Bí pélé kò bá hàn níbẹ̀, kò lè hàn níwájú. Nígbà mìíràn náà, ọwọ́ la máa fi yà á padà, mi ò sì rí ohun ìtìjú kankan nínú ìyẹn.

Kí ẹ tó ṣe gbogbo méjìlá, ẹ padà sí àwọn fọ́tò. Ní ìwọ̀n 0.45, ìmọ́lẹ̀ inú fọ́tò ṣì ń wọlé. Bí oòrùn bá wà lápá òsì alága tó sì wà lápá ọ̀tún akọ̀wé, kò sí nọ́ńbà tí yóò tún un ṣe. Ẹ gé gbogbo wọn sí 512 ní 640, kí orí wọn tóbi bákan náà, kí ojú méjèèjì wà ní ibi kan náà. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá fi gbogbo ìṣètò dè mọ́lẹ̀:

```
Steps: 30, Sampler: Euler, CFG scale: 7, Seed: 41207,
Size: 512x640, Denoising strength: 0.45
```

Mo yan `Euler`, mi ò yan `Euler a`. Èyí tó ní `a` máa ń da rúdurùdu tuntun sí i ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà bí ẹ bá kúrò ní 30 lọ sí 35, àwòrán lè yí padà gidigidi, ẹ ò sì ní mọ ohun tó fà á.

Nígbà tí àwọn méjìlá bá jáde, ẹ tẹ́ wọn sí ojú kan, kí ẹ sì wá àléébù tó ń padà wá síbi kan náà. Rúdurùdu kan náà ló wà lórí gbogbo fọ́tò, nítorí náà bí ó bá ní àbàwọ́n, gbogbo wọn ló máa ní in: àmì dúdú kan lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ìlà kan tó gba èjìká kọjá, yẹtí tó yọ létí ọkùnrin àti obìnrin. Ẹni tó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan máa rò pé àrà pákó ni. Bí àbàwọ́n bá wà lára púpọ̀ nínú wọn, ẹ pààrọ̀ nọ́ńbà fún gbogbo ọ̀wọ́. Bó bá jẹ́ ẹnì kan tàbí méjì ló bàjẹ́, ẹ fún àwọn nìkan ní nọ́ńbà tó tẹ̀lé e, 41208 tàbí 41209. Àrà wọn kò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ àti ìwọ̀n ló gbé e. Ẹ kàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé ti akápò jẹ́ 41209.

AUTOMATIC1111 máa ń kọ gbogbo ìṣètò yìí sínú fáìlì PNG tó bá ṣe, `PNG Info` ni ẹ ó ti kà á. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi fáìlì náà ránṣẹ́ bí àwòrán lórí Wọ́sáàpù, yóò tún un dì, ohun tí a kọ sínú rẹ̀ yóò sì lọ. Ẹ fi PNG gangan sínú fódà, pẹ̀lú fọ́tò tí ẹ ti gé, ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan, àti fáìlì módẹ́ẹ̀lì náà fúnra rẹ̀, nítorí pé ibi tí ẹ ti wà á lè má ní in mọ́. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹgbẹ́ lè dìbò, kí wọ́n yan akápò tuntun. Ẹ ó gé fọ́tò rẹ̀ sí 512 ní 640, ẹ ó pààrọ̀ ìlà méjì ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, ẹ ó tẹ 41207, yóò sì lè jókòó láàárín àwọn mọ́kànlá tó kù láìsí pé wọ́n tún ẹnikẹ́ni ṣe.